Ta Ló Jẹ ₦120,000? Àlàyé Lórí Gbèsè Iyèméjì àti Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olósìn adìyẹ kan lágbègbè Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, bàbá kan dìde tòun ti ìwé ìṣirò lọ́wọ́. Ó ní ojú ìwé kejì sọ pé wọ́n yọ ₦472,000 kúrò lára owó tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, nítorí "gbèsè iyèméjì". Ó ṣí ojú ìwé kẹta, níbi tí ìnáwó ọdún wà, ó tún bá "gbèsè iyèméjì" níbẹ̀, àmọ́ ₦352,000 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Bàbá ti fi fóònù ṣírò ìyàtọ̀ wọn, ₦120,000. "Ta ló jẹ ẹ́?" Àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ni mo bá wọn ṣe ìwé náà. Kò sẹ́ni tó jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí mo fún wọn lọ́jọ́ náà kò yé ẹnikẹ́ni. Èyí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí n fún wọn. Mo ti yí iye owó padà kí àṣírí ẹgbẹ́ lè bò, kí ìṣirò náà sì lè rọrùn.

Gbèsè wo là ń pè ní gbèsè iyèméjì?

Oúnjẹ adìyẹ ni ẹgbẹ́ yìí ń tà, wọ́n sì ń tà á láwìn. Ẹni tó bá gbé àpò oúnjẹ máa ń gba ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé tó sọ ọjọ́ tó gbé e, iye àpò, iye owó, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ san án. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni àdéhùn wọn. Títí dìgbà tó bá san, owó náà jẹ́ ohun ìní ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Bí ẹni náà bá sá kúrò nílùú, tí a wá a tì, gbèsè yẹn ti kú. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í yẹ àdéhùn, gbèsè rẹ̀ dá wa lójú. Láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ gbèsè wà: a kò lè sọ pé ó kú, a kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé yóò wọlé. Òun ni gbèsè iyèméjì.

Ẹ wo àgbẹ̀ tó to igba iṣu sínú abà. Bí ẹ bá bi í pé iṣu mélòó ló ní, igba ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé iṣu mélòó ni yóò kù nílẹ̀ tí ìgbà gbíngbìn bá dé, kò ní sọ pé igba. Ó mọ̀ pé díẹ̀ yóò jẹrà. Kò mọ èyí tí yóò jẹrà nínú wọn, àmọ́ ojú rẹ̀ ti rí abà púpọ̀, ó sì lè sọ fún yín pé bí ogún ló máa ń bà jẹ́. Àyọsílẹ̀ gbèsè iyèméjì kò ju ogún iṣu yẹn lọ. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni pé ó fẹ́ jẹ wá ní gbèsè kú. Iye tí a rò pé kò ní wọlé nínú gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ la yọ, kí ìwé wa má bàa máa fọ́nnu.

Ṣé wọ́n tọ́jú owó kan síbì kan ni?

Rárá. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, ọ̀rọ̀ "àyọsílẹ̀" fúnra rẹ̀ ló sì fà á, torí ó dún bí ìgbà tí èèyàn yọ owó sílẹ̀ nínú kóló. Kò sí owó kankan tó kúrò ní báńkì. Inú ìwé nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: àwọn oníbàárà jẹ wá ní ₦6,000,000, a wá kọ ₦472,000 sí abẹ́ rẹ̀ pé a kò retí pé eléyìí yóò wọlé, ó ku ₦5,528,000. Ẹni tó bá fẹ́ yá ẹgbẹ́ lówó, ₦5,528,000 yẹn ló yẹ kó gbójú lé.

Kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ orí gbèsè la fi ń mọ̀ ọ́n?

Torí pé gbèsè tó bá ti pẹ́ kì í fẹ́ wọlé mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òwe ni mò ń pa, ó ṣeé ṣírò. Ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, ọkọ̀ tó ń lọ Ìkọ̀lé. Ọkọ̀ kún. Bí ẹ bá fọwọ́ lé èrò kan léjìká ní Adó, ó ṣòro láti sọ pé Ìkọ̀lé ló ń lọ, torí àwọn kan yóò bọ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀, àwọn kan ní Ìfàkì, àwọn mìíràn ní Ọ̀yẹ́. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ọ̀yẹ́, èrò tí ẹ bá ṣì rí lórí ìjókòó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Ìkọ̀lé ló ń lọ. Ẹni yẹn náà ló wà nínú ọkọ̀ láti Adó. Àwọn tó yí i ká ló ti ń dín kù.

Ìkọ̀lé ni ká pè ní gbèsè tó kú (kí àwọn ará Ìkọ̀lé jọ̀ọ́, má bínú sí mi). Ẹni tó san gbèsè rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Gbogbo gbèsè tó kú pátá ló ti ní ọjọ́ tó jẹ́ tuntun, ó sì gba gbogbo ibùdókọ̀ kọjá.

Mo lọ sínú ìwé àwìn ẹgbẹ́ náà ti ọdún méjì tó kọjá, mo tẹ̀lé gbogbo ínfọ́ìsì títí dé òpin rẹ̀. Àwìn tí wọ́n tà jẹ́ ₦30,000,000. Nínú rẹ̀, ₦7,500,000 ni kò wọlé títí ọjọ́ àdéhùn fi kọjá. Èyí tó ṣì wà níta lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ sí i jẹ́ ₦2,500,000. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, ó ku ₦1,000,000. Lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó ku ₦500,000. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ₦300,000 ni kò wọlé rárá.

₦300,000 kan ṣoṣo yìí la ó pín sí ara gbogbo ibùdókọ̀. Bí a bá fi wé ₦30,000,000 tó gbéra, ìdá 1 nínú 100 ni. Bí a bá fi wé ₦7,500,000 tó kọjá ọjọ́ àdéhùn, ó di ìdá 4. Bí a bá fi wé ₦2,500,000, ó di ìdá 12, ti ₦1,000,000 jẹ́ ìdá 30, ti ₦500,000 sì jẹ́ ìdá 60. Owó tó ṣègbé kò yí padà. Owó tó kù nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ló ń kéré sí i.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìdá tí wọ́n kọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wá fún yín pé òun ni kí ẹ lò, ẹ bi í pé ọkọ̀ ta ni wọ́n kà. Oníbàárà alágbàṣe tó ń retí owó ìjọba kì í sanwó bí olósìn adìyẹ tó ń tà ẹyin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Báwo la ṣe dé ₦472,000?

Ní 31 Oṣù Kejìlá, mo kó gbogbo ínfọ́ìsì tí wọn kò tíì san jọ, mo ka iye ọjọ́ tó ti kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ àdéhùn, mo sì pín wọn sí òpó márùn-ún, òpó kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ nínú tábìlì yìí. Mo wá fi ìdá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí lu òpó kọ̀ọ̀kan.

| Ọjọ́ orí gbèsè | Iye tó wà níta | Ìdá nínú 100 | Àyọsílẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Kò tíì tó àkókò | ₦3,200,000 | 1 | ₦32,000 |
| Ó fi ọjọ́ 1 sí 30 kọjá | ₦1,400,000 | 4 | ₦56,000 |
| Ó fi ọjọ́ 31 sí 60 kọjá | ₦700,000 | 12 | ₦84,000 |
| Ó fi ọjọ́ 61 sí 90 kọjá | ₦400,000 | 30 | ₦120,000 |
| Ó ju ọjọ́ 90 lọ | ₦300,000 | 60 | ₦180,000 |
| Àpapọ̀ | ₦6,000,000 | | ₦472,000 |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà karùn-ún. Gbèsè tuntun lé ní ìdajì gbogbo owó tó wà níta, síbẹ̀ ₦32,000 péré ni wọ́n yọ lórí rẹ̀. ₦300,000 tó ti gbó ló fa ₦180,000. Bí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bá fẹ́ mọ ilé tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tábìlì yìí ti fi hàn wọ́n.

Ọjọ́ àdéhùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ti ọjọ́ ọjà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó ka ti àtijọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Bí ìdá bá jẹ́ ti ọjọ́ àdéhùn, tí tábìlì sì jẹ́ ti ọjọ́ ọjà, gbogbo gbèsè yóò dàgbà sí i ní ọgbọ̀n ọjọ́ lójijì, àyọsílẹ̀ yóò sì wú láìnídìí.

Fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é: bí ọjọ́ àdéhùn bá wà ní C2, ohun tí ẹ ó kọ nìyí.

```
=DATE(2025,12,31)-C2
```

Àwọn kan máa ń kọ `TODAY()` síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ó péye. Bí wọ́n bá tún ṣí i nínú Oṣù Kẹta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo gbèsè ti fi oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dàgbà sí i, kò sì ní bá ìwé ìparí ọdún mu mọ́.

Ó dáa, ₦120,000 ńkọ́?

A ti débẹ̀. Ọdún tó ṣáájú náà ní àyọsílẹ̀ tirẹ̀: ₦310,000. Inú ìnáwó ọdún yẹn ni wọ́n ti kọ ọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ru ẹrù rẹ̀ nígbà náà. Láàárín ọdún, oníbàárà mẹ́ta di àwátì pátápátá, gbèsè wọn lápapọ̀ jẹ́ ₦190,000. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa á rẹ́ nínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n pa ₦190,000 yẹn rẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó tó wà níta, wọ́n sì yọ iye kan náà kúrò nínú àyọsílẹ̀. Èrè ọdún kò mì rárá. Ìdí ni pé a ti kọ ọ́ sí ìnáwó lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a kò tíì mọ orúkọ àwọn mẹ́ta náà. Bí a bá tún kọ ọ́ sí ìnáwó lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò san án lẹ́ẹ̀mejì.

₦310,000, a yọ ₦190,000, ó ku ₦120,000. Owó bàbá nìyẹn. Ó ṣì wà nínú àyọsílẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ní ìparí ọdún, àyọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦472,000. Ó ti ní ₦120,000 nínú tẹ́lẹ̀, nítorí náà ₦352,000 péré ló kù láti fi kún un, òun náà ló sì wọ ìnáwó ọdún yìí. Àyọsílẹ̀ dà bí garawa. Tábìlì ọjọ́ orí gbèsè ló ń sọ ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé. Ìnáwó ni iye omi tí a pọn kún un lọ́dún náà.

Bí gbèsè tó kú lọ́dún náà bá jẹ́ ₦350,000 ńkọ́? Garawa ti gbẹ, ó sì tún jin kòtò ₦40,000. Ìnáwó ọdún yóò wá jẹ́ ₦512,000, torí a ó kọ́kọ́ dí kòtò náà ká tó pọn omi dé ₦472,000. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ wà níbí: wọn a gbé gbogbo ₦472,000 sí ìnáwó, wọn a gbàgbé ohun tó ti wà nínú garawa.

Ẹnìkan tún béèrè lọ́jọ́ náà pé ṣé pípa rẹ́ túmọ̀ sí pé a ti dárí jì àwọn mẹ́ta náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì jẹ wá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú lọ́la tó san, a ó dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé, a ó dá owó rẹ̀ padà sínú àyọsílẹ̀, lẹ́yìn náà la ó kọ ọ́ pé ó san.

Ìgbà wo ni ọjọ́ orí gbèsè máa ń parọ́?

Àkọ́kọ́ ni pé gbèsè lè jẹ́ ọmọdé kó sì ti kú. Ká sọ pé olósìn kan gbé oúnjẹ ₦200,000 ní 20 Oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 28, àrùn wọ ilé adìyẹ rẹ̀, gbogbo ẹyẹ kú. Nínú tábìlì, gbèsè rẹ̀ kò tíì tó àkókò, ₦2,000 péré la yọ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé adìyẹ ló fẹ́ fi san án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la máa ń yọ kúrò nínú òpó, ká fojú wo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí a bá rí i pé ₦50,000 ni ọwọ́ rẹ̀ lè ká, a ó yọ ₦150,000 lórí òun nìkan. Òpó àkọ́kọ́ yóò ku ₦3,000,000, àyọsílẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ₦30,000, àpapọ̀ yóò sì kúrò ní ₦472,000 lọ sí ₦620,000. Ẹ má gbàgbé láti yọ ₦200,000 yẹn kúrò lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì burú jùyẹn lọ, torí ọwọ́ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Mo ti rí i níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ àwìn ti fagi lé ínfọ́ìsì tó ti tó oṣù márùn-ún, tó sì kọ òmíràn lórúkọ ẹni kan náà, iye kan náà, ọjọ́ tuntun. Gbèsè tó yẹ kó gba ìdá 60 wá ń gba ìdá 1. Ó ní òun fẹ́ fún oníbàárà náà láyè ni. Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ fífúnni láyè kì í sọ àgbàlagbà di ìkókó. Ọ̀nà tí mo fi mú un rọrùn: ínfọ́ìsì tó jẹ́ ti ọjà gbọ́dọ̀ ní wébíìlì tí oníbàárà fọwọ́ sí nígbà tó gbé àpò. Ínfọ́ìsì tuntun tí kò ní wébíìlì, tí iye rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ mu dé kọ́bọ̀, gbèsè arúgbó tó wọṣọ ọmọdé ni.

Ẹ̀kẹta ni owó tí oníbàárà san láìsọ ínfọ́ìsì tó ń san. Bí akọ̀wé kan bá ń fi í dí èyí tó pẹ́ jù, tí ẹlòmíì ń fi í dí èyí tuntun, oníbàárà kan náà yóò ní ọjọ́ orí méjì. Kí wọ́n mú ọ̀kan. Èyí tó pẹ́ jù ni mo máa ń fọwọ́ sí, àyàfi bí oníbàárà bá ní àríyànjiyàn lórí ínfọ́ìsì yẹn, bóyá ó ní àpò tí wọ́n fún òun kò pé. Ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ẹ wá ẹ̀rí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìdá fúnra rẹ̀ náà ní ààlà. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló jẹ ₦200,000 nínú ₦300,000 tó ṣègbé lọ́dún méjì yẹn, ìtàn ẹni kan ni ìdá wa ń sọ, kì í ṣe ìtàn ọjọ́ orí. Àná ni ìdá sì ń sọ. Bí owó àgbàdo àti sóyà bá fò sókè nígbà tí owó ẹyin kò kúrò níbi tó wà, àwọn tó ń san déédéé tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀lé, IFRS 9, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kíní 2018, ní kí wọ́n wo iwájú pẹ̀lú, kí wọ́n má wo ẹ̀yìn nìkan. Bí a bá gbé ìdá 12 òpó kẹta lọ sí 15 nítorí bẹ́ẹ̀, ₦21,000 ló máa fi kún un. Kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, torí níbi tí wọ́n ti ń tún ìdá ṣe ni alága tó fẹ́ kí èrè pọ̀ lọ́dún ìdìbò ti máa ń rọ́nà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé a kò fojú bù ú lódì?

Ẹ tọ́jú tábìlì náà. Nígbà tó bá di Oṣù Kejìlá tó ń bọ̀, ẹ mú ₦6,000,000 yẹn nìkan, ẹ má fi ti ọdún tuntun kún un, kí ẹ wo iye tó wọlé nínú rẹ̀. Bí ₦5,480,000 bá wọlé, ₦520,000 ló kù níta, a yọ ₦472,000, a fi ₦48,000 dín. Ẹ wá wo òpó tí ₦48,000 yẹn ti jáde. Bó bá jẹ́ òpó ìkẹyìn, ìdá 60 ti kéré jù. Bó bá jẹ́ òpó àkọ́kọ́, ẹ tún wo àwọn wébíìlì.

Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ló máa sọ ọdún tí yóò ru ẹrù náà. Bó bá jẹ́ pé a fojú bù ú pẹ̀lú òótọ́ inú, tí ayé kàn yí padà, ìnáwó ọdún tuntun ni ₦48,000 náà yóò bọ́ sí, a kò ní fọwọ́ kan ìwé àná. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnì kan yí ọjọ́ ínfọ́ìsì padà, tí iye náà sì tóbi débi tó lè ṣi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́nà, àṣìṣe ni, kì í ṣe ìfojúbù mọ́. Ìwé ọdún tó kọjá la ó ṣí padà tún ṣe, a ó sì kà á fún ìpàdé.